Ìbéèrè 3: Ilẹ̀, Ọ̀gbìn Àyípo àti Kòkòrò Oko

Àgbẹ̀ kan ní hẹ́kítà mẹ́rin nítòsí Iléṣà. (a) Báwo ni yóò ṣe mọ irú ilẹ̀ tó ní? (b) Ṣètò ọ̀gbìn ọdún mẹ́rin fún un. (d) Báwo ni yóò ṣe kápá kòkòrò?

Ìdáhùn

(a) Kí ó bu ẹ̀kúnwọ́ yèpẹ̀, kí ó wọ́n omi sí i, kí ó sì yí i bí okùn. Bí ó bá ń ha ọwọ́, tí kò ṣeé yí, ilẹ̀ yanrìn ni. Omi kì í dúró níbẹ̀, òjò á sì máa wọ́ ajílẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀pà àti ẹ̀gẹ́ lè fara dà á. Bí ó bá gùn, tí a lè fi ká òrùka láìjá, amọ̀ ni. Hóró amọ̀ kò tó mìlímítà 0.002, wọ́n sì fún mọ́ra débi pé afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè. Lójò, ó ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́. Lẹ́ẹ̀rùn, ó ń sán. Èyí tó yí ṣùgbọ́n tó já nígbà tí a fẹ́ ká a ni ilẹ̀ ẹlẹ́tùlójú, òun ló sì dára jù fún iṣu àti àgbàdo.

N kò gbà pé ilẹ̀ burúkú ni amọ̀. Ilẹ̀ pupa oko bàbá mi àgbà ní Ìtàgúnmódi ká òrùka lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ kòkó ń ṣe dáadáa níbẹ̀, torí ilẹ̀ náà ń pa omi mọ́ fún gbòǹgbò rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn.

(b) Kí ó pín oko náà sí mẹ́rin. Lórí ìpín kìíní: iṣu lọ́dún kìíní, àgbàdo lọ́dún kejì, ẹ̀wà lọ́dún kẹta, ẹ̀gẹ́ lọ́dún kẹrin. Kí àwọn ìpín yòókù bẹ̀rẹ̀ láti orí àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹ̀gẹ́, kí wọ́n máa yí bẹ́ẹ̀. Àgbàdo máa ń jẹ náítírójìn ilẹ̀ gan-an. Ìdí nìyí tí ẹ̀wà fi tẹ̀ lé e. Tí a bá hú ẹ̀wà tó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a óò rí kókó wínníwínní lára gbòǹgbò rẹ̀. Bí a bá là á tí inú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bakitéríà inú rẹ̀ ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ìkórè, kí ewé àti igi ẹ̀wà padà sínú ilẹ̀, kí a má ṣe dáná sun ún.

Bí ó bá fẹ́ gbin tòmátì, kí ata tàbí ìgbá má ṣe tẹ̀ lé e: ẹbí kan ni wọ́n, àrùn kan náà ló ń bá wọn jà.

(d) Inú ilẹ̀ lábẹ́ ìbòòji ni tata ń yé sí. Kí àgbẹ̀ sàmì síbẹ̀, kí ó hú ẹyin náà síta fún oòrùn kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, torí ìgbà náà ni wọ́n ń pa. Kòkòrò lè bá wa pa kòkòrò pẹ̀lú: ní 1981, ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn tú agbọ́n kékeré láti Gúúsù Amẹ́ríkà sílẹ̀. Inú ara kòkòrò funfun tó ń run ẹ̀gẹ́ ló ń yé sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ kú. Oògùn fífín ló gbẹ̀yìn, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, jìnnà sí odò. Ní ti ẹ̀wà ìkórè, kí ó gbẹ dáadáa, kí a dé e pa sínú kẹ́ẹ̀gì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí èémí mí.