Ojú tó máa dára nínú oòrùn Ojúde Ọba, tí kò sì ní hu eérú nínú fótò alẹ́

Ẹ wo fótò méjì tó wà níbẹ̀rẹ̀ fídíò yìí dáadáa. Sìsí kan náà ni, mékọ́ọ̀pù kan náà ló wà lójú ẹ̀. Èyí tí a yà lẹ́nu ọ̀nà ń dán gbinrin. Èyí tí a yà nínú yàrá pẹ̀lú fíláàṣì, abẹ́ ojú àti iwájú orí ẹ̀ funfun báláú, àfi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsọ̀ ẹlẹ́lùbọ́ dé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ lè fojú ara yín rí i.

Iléyá ń bọ̀, ẹ̀yin ọmọ Alárè. Tó bá di ọjọ́ kẹta ẹ̀, iwájú ààfin Awùjalẹ̀ á kún fọ́fọ́: àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ nínú aṣọ ẹgbẹ́, àwọn ẹlẹ́ṣin, àwọn oníkámẹ́rà níbi gbogbo. Ọ̀sán gangan nìyẹn. Tí a bá kúrò níbẹ̀, ó di òde ìnáwó alẹ́, fíláàṣì a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mànà. Ojú kan ṣoṣo lẹ fẹ́ fi jẹ òde méjèèjì, ohun tó sì ń ba ojú jẹ́ ní ọ̀sán yàtọ̀ sí ohun tó ń bà á jẹ́ ní alẹ́.

Ti ọ̀sán: àwọ̀ fáńdéṣọ̀n. Oòrùn kì í bo àṣírí. Ọ̀pọ̀ ló ń dán fáńdéṣọ̀n wò lẹ́yìn ọwọ́, lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n tó sanwó. Àwọ̀ ẹ̀yìn ọwọ́ kọ́ ni àwọ̀ ojú, ẹ jọ̀ọ́. Ibi egungun àgbọ̀n ni kí ẹ fi sí, kí ẹ fà á wá sí ọrùn, kí ẹ wá bọ́ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà. Ẹ má tíì sọ pé ó bá yín mu. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí òmíràn wà tó jẹ́ pé tó bá gbẹ, tó pàdé òróró ara, ó máa ṣú ju bó ṣe wà nínú ìgò lọ. Èyí tí ẹ ò bá rí ààlà ẹ̀ mọ́ láàárín ojú àti ọrùn ni tiyín.

Àwa tí a dúdú dáadáa, ẹ gbọ́ èyí. Ara dúdú máa ń ní pupa tàbí ìyeyè lábẹ́. Tí fáńdéṣọ̀n bá dúdú lásán tí kò ní ìkankan nínú méjèèjì, eérú ló máa hù, ì báà jẹ́ olówó gọbọi. Ẹ̀yin tí ojú yín sì fi díẹ̀ mọ́ ju ọrùn lọ, ọrùn àti àyà ni kí ẹ bá mu. Mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní fẹ́ gbọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n nínú bùbá tí ọrùn ẹ̀ ṣí sílẹ̀, gbogbo ayé ló ń rí i.

Abẹ́ ojú tó ṣú àti ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣú: ẹ má kàn fi kọnsílà tó mọ́ lé e lórí. Ohun tó mọ́ lórí ohun tó ṣú, àwọ̀ eérú ni àbájáde ẹ̀. Ìpara mékọ́ọ̀pù aláwọ̀ ọsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi tẹ ibẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tí ẹ bá dúdú gan-an, kí ó sún mọ́ pupa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni fáńdéṣọ̀n, lẹ́yìn náà kọnsílà díẹ̀.

Ó wá ku ti alẹ́, òun sì ni olórí ọ̀rọ̀. Páúdà ló ń fa wàhálà jù, pàápàá páúdà funfun tí wọ́n ní kò ní àwọ̀. Ẹ wo orúkọ mẹ́ta tí mo kọ sójú fídíò: silica, titanium dioxide, zinc oxide. Ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì máa ń bá wọn padà sínú kámẹ́rà, dígí kò sì ní sọ fún yín, torí dígí kò ní fíláàṣì. Méjì tó gbẹ̀yìn yẹn wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ oòrùn, wọ́n sì wà níwọ̀nba nínú fáńdéṣọ̀n púpọ̀. Nítorí náà, ẹ má torí mi da ìpara oòrùn yín nù o! Tí ẹ bá máa jókòó síta láti àárọ̀, ẹ nílò ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí páúdà yín ní àwọ̀ ara yín, kí ó má pọ̀, kí ẹ sì dán an wò.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò nìyí, kò gba kọ́bọ̀ kan. Tí ojú bá ti parí, ẹ wọ yàrá, ẹ pa iná, ẹ ti kọ́tìnì. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan fi fóònù yà yín pẹ̀lú fíláàṣì, kí ó jìnnà sí yín bí ìgbésẹ̀ méjì. Ẹ wo abẹ́ ojú, imú, iwájú orí. Tí ó bá funfun, ẹ fi búrọ́ṣì ńlá tó mọ́ gbọn páúdà ibẹ̀ kúrò, ẹ fi páúdà aláwọ̀ ara yín tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ fọ́n sípíréè sí i, ẹ tún fótò yà. Kí gèlè tó gorí ni ẹ ti máa ṣe é. Tí gèlè bá ti dúró, ta ló fẹ́ tún un ṣe?

Òógùn ńkọ́? Ẹ má fi hánkáṣíìfù nu ojú. Ẹ ṣẹ́ tíṣù sí méjì, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, ẹ gbé e kúrò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó fi páúdà kún un, torí páúdà lórí omi á di ìṣù. Òrí tí màmá wa fẹ́ràn, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ fi pa ojú. Láàárọ̀ òde, yíyọ̀ ni fáńdéṣọ̀n máa yọ̀ lórí ẹ̀.

Ẹ fi fídíò yìí pamọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyálóde ẹgbẹ́ yín.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí a ṣe é fún yín, a ti ń gba orúkọ fún ọjọ́ Ojúde Ọba. Agogo márùn-ún ìdájí la ń bẹ̀rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ojú àti gèlè jẹ́ ₦35,000. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí wọ́n bá tó márùn-ún, ₦30,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, a ó sì wá bá yín nílé. Ẹ̀yin ará Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹru àti Ìjẹ̀bú-Igbó, à ń dé ọ̀dọ̀ yín, owó ọkọ̀ ló máa yàtọ̀. Ìdajì owó ló ń di àyè mú. Ìyàwó tuntun, ọ̀rọ̀ tiyín gùn, a máa kọ́kọ́ fi ọjọ́ kan dán ojú yín wò.

Tí ẹ bá ń kọ̀wé sí wa ní Wáásáàpù (nọ́ńbà wà lókè ojú ìwé wa), ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹ wà, iye èèyàn àti agogo tí ẹ gbọ́dọ̀ jáde nílé. Ẹ fi fótò aṣọ sí i, àti fótò ojú yín láìkun nǹkan kan, tí ẹ yà ní ọ̀sán lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má fi fílítà sí i o, ẹ̀yin sìsí mi. Tí gáàmù ojú tàbí ìpara kan bá ti yún yín rí, ẹ sọ fún wa tètè, ká lè dán tiwa wò lára yín ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Àwọ̀ aṣọ wo ni ẹgbẹ́ yín mú lọ́dún yìí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá dáhùn pẹ̀lú àwọ̀ ètè tó máa bá a lọ.

#OjúdeỌba #Ìjẹ̀búÒde #Rẹ́mọ #Mékọ́ọ̀pùÌjẹ̀bú #GèlèÀtiOjú