Lẹ́tà sí Ọ̀gá Àgbà Lórí Dáṣíbọ́ọ̀dù Wíwá Ọmọ sí Ilé-Ìwé

Yàrá Olùkọ́,
14 Oṣù Ọ̀wàrà, 2024.

Ọ̀gá Àgbà wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbójútó àwọn ọmọ.

Nígbà tí mò ń ro régísítà JSS 2B pọ̀ níparí táàmù tó kọjá, mo rí i pé ọmọbìnrin kan pa ọjọ́ 13 jẹ. Ajé kan, Ẹtì kan, Ìṣẹ́gun kan: ó fọ́n ká débi pé n kò fura. Ìgbà tí mo gbé ọjọ́ ọjà ìlú tì í ló tó yé mi. Ọjọ́ ọjà ni 11 nínú wọn. Ìyá rẹ̀ ló ń bá patẹ. Ọjà ọrún kì í dúró sójú kan nínú ọ̀sẹ̀ ilé-ìwé. Bó bá bọ́ sí Ajé, Ẹtì ló tún kàn, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì. Ojú lásán kò lè rí i nínú régísítà. Ó dùn mí pé táàmù ti parí kí n tó mọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ ká ṣe dáṣíbọ́ọ̀dù, ojú-ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yín tí yóò máa fi iye ọmọ tó wá hàn lójoojúmọ́, tí yóò sì fi àwọ̀ pupa sí orúkọ ẹni tó bá ti pa ọjọ́ 3 jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Excel tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti tó. Kò nílò dátà íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí a nílò kò pọ̀: àmì régísítà àárọ̀ àti ọ̀sán, ẹni tó pẹ́ dé, kíláàsì, nọ́ńbà fóònù òbí, àti ìdí tí ọmọ kò fi wá (àìsàn, owó ilé-ìwé, ọjà, oko). Kí á kọ ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba sí i pẹ̀lú. Orúkọ àìsàn ọmọ kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ rárá, ẹ̀yin àti olùkọ́ kíláàsì nìkan ni yóò sì máa rí orúkọ. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 wà, ṣùgbọ́n iyì àwọn ọmọ náà ló jẹ mí lógún jù.

Bí a bá ní i, a ó lè pe ìyá ọmọ náà lọ́sẹ̀ kejì, kì í ṣe níparí táàmù. Ẹ̀yin náà yóò mọ̀ bóyá lílé ọmọ lọ sílé nítorí owó ló ń dín kíláàsì kan kù, ẹ ó sì ní àkọsílẹ̀ tí ẹ lè gbé síwájú ìpàdé òbí àti olùkọ́. Àwa olùkọ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ ríro régísítà mọ́jú.

Mo fẹ́ fi JSS 2 nìkan bẹ̀rẹ̀ ní táàmù tó ń bọ̀. Èmi fúnra mi yóò máa tẹ̀ ẹ́ wọlé lẹ́yìn ìjádelé. Bí ẹ bá gbà mí láyè, mo lè wá fi àpẹẹrẹ rẹ̀ hàn yín lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn àsémbílì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kíláàsì JSS 2B.