Lẹ́tà sí ọ́fíìsì ríjísítírà: mo fẹ́ dá ẹ̀kọ́ mi dúró láàárín sẹ̀mẹ́sítà

Ẹ kú iṣẹ́ o mà,

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ni mí ní ẹ̀ka akáńtíǹ. Mi ò ní lè parí sẹ̀mẹ́sítà yìí mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi yọ orúkọ mi kúrò nínú kọ́ọ̀sì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí mo rẹ́jísítà, láti òní lọ. Ọ̀sẹ̀ 6 la wà nínú 14, lẹ́kíṣọ̀ Jímọ̀ tó kọjá ni mo lọ kẹ́yìn.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlu màmá mi lójijì, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ò ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ò sì já gaara lẹ́nu wọn mọ́. Èmi ni àkọ́bí, àwọn àbúrò mi ṣì kéré, kò sẹ́lòmíì tó máa gbé màmá mi lọ sọ́sibítù, tó máa wẹ̀ wọ́n, tó máa fún wọn lóúnjẹ. Dókítà ní ó máa tó oṣù mélòó kan kí wọ́n tó lè máa dá nǹkan ṣe.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún ni difáàmẹ́ǹtì, kí ẹ bá mi fi ààyè mi pamọ́ di sẹ̀mẹ́sítà yìí kan náà lọ́dún tó ń bọ̀, kí owó ilé-ìwé tí a ti san pé sì kà fún mi nígbà yẹn. Mi ò fẹ́ fi yunifásítì sílẹ̀ rárá mà, mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí gan-an. Àmọ́ tí òfin ò bá gbà kí owó náà dúró dè mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá ti ọ̀sẹ̀ tó kù padà, pẹ̀lú ti họ́sítẹ̀lì, mo ti kó ẹrù jáde, mo sì ti dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Déètì ló ń kó mi láyà sókè jù. Ìwé òfin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bí ọ̀sẹ̀ bá ṣe ń lọ lowó tí wọ́n ń dá padà ń dínkù, nítorí náà ọjọ́ tí lẹ́tà mi dé ọwọ́ yín ni kí ẹ kà, ẹ má ka ọjọ́ tí kọmití bá jókòó, torí ìyẹn lè pẹ́. Kí ẹ sì bá mi rí i pé W ló wà lórí tíránsíkírípìtì mi, kì í ṣe F. Mi ò féèlì o, ilé ló pè mí.

Àbúrò màmá mi ló san owó náà, àkáǹtì tiwọn ni kó padà sí, mo ti fi rìsíìtì wọn àti lẹ́tà dókítà sínú ìmeèlì yìí. Mo ti dá gbogbo ìwé láíbìrì padà, lẹ́fẹ̀ẹ̀lì adáfáísà mi náà ti gbọ́. Tí fọ́ọ̀mù kan bá wà tí mo gbọ́dọ̀ buwọ́ lù, ẹ fi ránṣẹ́ sí ìmeèlì, mi ò lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi báyìí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dá mi lóhùn ní kíkọ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Ẹ ṣé gan-an mà,
Akẹ́kọ̀ọ́ yín, ẹ̀ka akáńtíǹ, ọdún kejì