Èsì sí ìbéèrè rẹ lórí Éfésù 5:22

Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, Èkó
Ọjọ́ Ajé

Àníkẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìn àná. O ní díẹ̀ ló kù kí o dìde kúrò níbi ìgbéyàwó Sùúrùlérè yẹn, nígbà tí wọ́n ní kí ìyàwó tẹríba lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọn ò sì sọ fún ọkọ ju pé kó máa ní sùúrù. Èmi náà jókòó síbẹ̀, inú mi ò dùn.

O bi mí pé, bí Gálátíà 3:28 bá ní kò sí ọkùnrin tàbí obìnrin, pé ọ̀kan ni gbogbo wa nínú Kristi, kí ni Éfésù 5:22 tó ní kí aya tẹríba fún ọkọ rẹ̀ ń wá? Fi ìka rẹ lé ẹsẹ 21 ná. "Ẹ máa tẹríba fún ara yín ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run." Gbogbo ìjọ ni Pọ́ọ̀lù ń bá sọ̀rọ̀, àtọkọ àtaya. Nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì tó pẹ́ jù lọ, "tẹríba" ò tilẹ̀ sí ní ẹsẹ 22. Láti ẹsẹ 21 ló ti yá a. "Ẹ̀yin aya, fún àwọn ọkọ yín" ló wà níbẹ̀. Àwọn oníwàásù wa a máa bẹ̀rẹ̀ láti àárín gbólóhùn.

Èdè tiwa náà dá kún un. Bí Yorùbá bá gbọ́ "tẹríba", orí tó wálẹ̀ àti eékún tó kanlẹ̀ ló ń rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Pọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ní 6:1, ọ̀rọ̀ mìíràn ló lò: kí wọ́n gbọ́ ti òbí wọn. Kò lo ìyẹn fún aya.

Wàá tún rí i pé ẹsẹ mẹ́ta péré ló kọ sí aya. Láti 25 ló ti kọjú sí ọkọ: kó fẹ́ràn aya rẹ̀ bí Kristi ti fẹ́ràn ìjọ, tó fi ara rẹ̀ fún un. Ikú nìyẹn o! Kò síbi tó ti ní kí ọkọ fipá mú aya tẹríba. Láyé ìjọba Róòmù tí baálé ilé ti ní àṣẹ lórí gbogbo ará ilé, ọ̀rọ̀ yẹn ò dùn létí ọkùnrin.

N ò ní tàn ọ́: ẹsẹ 23 ní ọkọ ni orí aya, àwọn ìjọ ò sì fẹnu kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ọkọ ló ni ìpinnu ìkẹyìn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí 1 Kọ́ríńtì 7:4 ní ọkọ pàápàá ò ní àṣẹ lórí ara òun fúnra rẹ̀, aya ló ni ín. Ẹni tó bá sì fi ẹsẹ yìí lu ìyàwó, Pọ́ọ̀lù ò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Mo wà nílé ní Sátidé lẹ́yìn aago mẹ́rin. Mú àfẹ́sọ́nà rẹ dání, kó ka ẹsẹ 25 sókè kí àwa méjèèjì gbọ́.

Èmi ni,
Màmá Kíláàsì Bíbélì