Ọ̀rọ̀ Níwájú Ìgbìmọ̀ Olùdánwò: Ètò Tó Ń Wá Káàdì Aláìsàn

Alága ìgbìmọ̀, ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin ọ̀gá tó wá láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn láti yẹ iṣẹ́ wa wò, ẹ káàárọ̀ o. Orúkọ mi àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ mi wà lójú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé tó wà níwájú yín, torí náà n kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ojú kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ kí ẹ máa wò.

Ohun tí mo ṣe ni ètò kan tí òṣìṣẹ́ yàrá káàdì yóò máa fi wá káàdì aláìsàn. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní Igbó-Ọrà ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo ń kọ ọ́, gbogbo wa la sì mọ ohun tí wọ́n mọ ìlú náà mọ́: ìbejì. Níbi tí Táíwò àti Kẹ́hìndé ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, orúkọ bàbá bára mu, ọjọ́ ìbí bára mu, ìyá kan náà, ojúlé kan náà. Bí òṣìṣẹ́ kan bá wá kọ orúkọ ọmọ bó ṣe wù ú, tí ẹlòmíràn ń wá a lẹ́yìn oṣù mẹ́ta bó ṣe wu òun náà, kò ní rí i. Yóò ní kí ìyá ọmọ gba káàdì tuntun. Báyìí ni ọmọ kan ṣe ń ní káàdì mẹ́ta, tí àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ á fọ́n ká sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ wò ó báyìí. Mo tẹ `taiwo adeyemi`, n kò fi àmì kankan sí i. Ó gbé Táíwò Adéyẹmí jáde, ó gbé TAIYE ADEYEMI tẹ̀ lé e, ó sì tún mú Táyéwò Adéyẹmí wá. Mo tẹ `kehinde`: Kẹ́hìndé àti Kẹ́yìndé jọ jáde. Mo tẹ `shola`, Ṣọlá nìyẹn.

Ó jọ ohun kékeré, àmọ́ abẹ́ rẹ̀ ò rọrùn. Ẹ mú lẹ́tà ọ̀ yìí nìkan. Nínú Yunikóòdù, ìlànà tó fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ, a lè kọ ọ́ ní U+1ECD kí U+0300 tẹ̀ lé e. A lè kọ ọ́ ní o lásán, kí U+0323 àti U+0300 tẹ̀ lé e. A sì lè mú ò tó ti ní àmì tẹ́lẹ̀, U+00F2, kí á wá fi U+0323 sí i nídìí. Lójú wa, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú ẹ̀rọ, wọn ò jọra rárá. Ẹni tó fi fóònù tẹ orúkọ àti ẹni tó fi kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ ẹ́ lè kọ orúkọ kan náà láìsí àṣìṣe, kí ẹ̀rọ sì sọ pé òun kò rí i. Ohun tí mo ṣe sí i nìyí:

```python
import unicodedata

def kokoro(oruko):
    s = unicodedata.normalize("NFD", oruko.lower())
    s = "".join(h for h in s if not unicodedata.combining(h))
    s = s.replace("sh", "s").replace("aiy", "ay")
    return s.replace("ehin", "eyin")
```

NFD ló ń tú lẹ́tà kúrò lára àmì rẹ̀. Ìlà tó tẹ̀ lé e á kó àwọn àmì náà dànù, títí kan igi kékeré, U+0329, tí àwọn kan ń fi sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tótó. Ìlà méjì ìkẹyìn wà fún ọ̀nà ìkọ̀wé tó ti pẹ́, nítorí pé àwọn òbí kan ò fi àkọtọ́ 1974 kọ orúkọ ìdílé wọn, wọn ò sì ní torí tiwa yí i padà. Táíwò àti Táyé kò ṣeé fi òfin lẹ́tà so pọ̀, nítorí náà mo ṣe àkójọ kékeré kan fún irú wọn.

Ohun tí `kokoro` bá mú jáde ni mo ń pè ní kọ́kọ́rọ́, kì í rọ́pò orúkọ o. Nínú SQLite tí mo kó àkọsílẹ̀ sí, orúkọ wà bí oníṣẹ́ ṣe kọ ọ́, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú òpó tirẹ̀. Ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé Òkè àti Ọ̀kẹ́ di `oke` bákan náà. Bí ẹ bá tẹ `oke`, àwọn méjèèjì á jáde. Bí ẹ bá fi àmì tẹ Ọ̀kẹ́, Ọ̀kẹ́ ni yóò wà lókè. Ẹni tó bá mọ àmì í fi sí orúkọ yóò jẹ èrè rẹ̀; ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò ní pàdánù.

Mo mọ̀ pé ẹ óò bi mí ìdí tí n kò fi lo Soundex, ọ̀nà tó ń sọ orúkọ di kóòdù bí ìró rẹ̀ ṣe rí. Ọdún 1918 ni wọ́n fún un ní ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì dára fún orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n kì í ka fáwẹ́lì sí àfi tó bá jẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ fáwẹ́lì ló gbé orúkọ wa ró. Mo dán an wò: Bọ́lá, Bíọ́lá àti Bello, B400 ni gbogbo wọn. Táíwò àti Tóyè, T000. Ọ̀nà Levenshtein náà, tó ń ka iye lẹ́tà tó yàtọ̀, kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí lẹ́tà kan péré ló wà láàárín Bọ́lá àti Ṣọlá lẹ́yìn tí àmì bá ti kúrò. Nínú ilé ìtajà, kò burú kí ẹ̀rọ méfò. Nínú ilé ìwòsàn, ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ fún aláìsàn. Kí òṣìṣẹ́ má rí káàdì sàn ju kó rí ti ẹlòmíràn lọ.

Ìdí nìyẹn tí ètò náà kì í fi dá káàdì yàn. Mo ń tẹ ENTER báyìí, ẹ rí i pé kò ṣí ohunkóhun. Ìlà tó bá ní ìbejì máa ń pọ́n, a sì gbọ́dọ̀ mú wákàtí ìbí àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin kí ó tó ṣí. Nípa ìyẹn, ẹ má bínú sí mi, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n nílé wa, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ wáyé ni mo fi ṣíwájú lójú kọ̀ǹpútà, nítorí ohun tí nọ́ọ̀sì ń kọ sílẹ̀ nìyẹn.

Inú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ni gbogbo rẹ̀ wà, kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì, bí iná bá lọ bátìrì á gbé e. Orúkọ tó wà nínú rẹ̀, èmi ni mo hùmọ̀ wọn. N kò lo káàdì aláìsàn kankan, nítorí òfin ààbò dátà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn sí ohun tí ó gba ìṣọ́ra gidi.

Ó kù síbìkan. Mohammed, Muhammad àti Mọ̀mọ́dù kò tíì mọ ara wọn nínú ètò yìí, àfi kí á kọ wọ́n sínú àkójọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá ṣi lẹ́tà tẹ̀ yóò ní láti tún un tẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, kíbọ́ọ̀dù rèé. Kí ẹnì kan nínú yín fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí a ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìbí rẹ̀, kí ẹnì kejì sì wá a bó ṣe máa ń kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí fóònù.