Àjàní Láyípo – Wọlé Pẹ̀lú Ṣéńjì (Ojúlówó Fídíò)

"Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì o!" Kò sẹ́ni tó ti wọ Máíkírà rí n'Ìbàdàn tí ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu dírẹ́bà. Èrò á gbọ́, á dákẹ́, á jókòó. Ó di ibi tó ti fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kó tó fa odidi ẹgbẹ̀rún náírà yọ, ìjà dé nìyẹn. Orí ìjà yẹn ni mo kọ orin yìí lé, ẹnu dírẹ́bà ni mo sì ti kọ ọ́. Èrò ti ní agbẹnusọ tó.

▶ Ẹ gbọ́ ọ, ẹ rà á:
Bandcamp: ajanilayipo.bandcamp.com
Audiomack: audiomack.com/ajanilayipo
Spotify, Apple Music, Boomplay: ẹ tẹ "Ajani Layipo Wole Pelu Senji" síbi tí wọ́n ti ń wá orin
Bandcamp ni kẹ́ ẹ ti rà á bẹ́ ẹ bá lágbára. Èmi fúnra mi ni mo ń dá orin mi gbé jáde, kò sí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kankan lẹ́yìn mi; owó àjọ la fi ya fídíò yìí, mo ṣì ń dá a lọ́wọ́.

IRÚ ORIN: àpàlà. Bí áàpù tí ẹ ń lò bá kọ "Afrobeats" sí i lára, ẹ má dá a lóhùn. Àgídìgbo ló gbé orin náà ró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gángan ń dáhùn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ń tì í lẹ́yìn. Kò sí dùùrù, kò sí ìlù kọ̀ǹpútà. Gìtá béèsì nìkan la fi kún un, ìyẹn náà rọra ń tẹ̀lé àgídìgbo ni. Níbi tó ti yára lẹ́yìn Mápó, awúrèbe la yà wọ̀. Ọmọ Ìbàdàn ò lè gbàgbé olóògbé Dauda Epo-Àkàrà.

0:00 Géréèjì Bèèrè
0:41 Orin wọlé
2:14 Gángan sọ̀rọ̀
3:05 Àtẹ̀gùn Mápó
4:20 Orí Láyípo

Àwọn tí ò bá gbọ́ ìlù, ohun tí gángan wí ní 2:14 rèé: "Ṣéńjì ni mo bèèrè, n ò bèèrè ìjà, ẹni tó bá fẹ́ jà, kó bọ́ sílẹ̀ l'Ọ́jàa'ba." Àyàntúnjí ló dá a sọ, kò sí nínú ohun tí mo kọ. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ ni mo ní kí gbogbo wa panu mọ́ fún un.

Ègbè:
Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì, ọ̀rẹ́ mi,
Ẹgbẹ̀rún kan ò ṣeé gé bí iṣu.
Epo ti gba tọwọ́ ọ̀tún mi,
Agbèrò gba tòsì.

ÈDÈ: Yorùbá ni gbogbo rẹ̀, ti ìgboro Ìbàdàn. Ibi tẹ́lòmíràn ti máa ní "ṣé", "sé" lẹ máa gbọ́ lẹ́nu mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi í sílẹ̀. Ẹ tẹ CC, ọ̀rọ̀ orin wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ti Gẹ̀ẹ́sì náà wà fún àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun.

Aṣọ àwọn oníjó, adìrẹ ẹlẹ́kọ Ìbàdàndùn ni. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí àwọn òpó Mápó lára rẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn. Ìdí nìyí tá a fi ní kí wọ́n lọ jó níwájú àwọn òpó ọ̀hún gan-an, ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929. Láti orí Láyípo (1936 ni wọ́n kọ́ ọ) la ti ya àwọn òrùlé páànù tó ti pọ́n yẹn. Kò sí àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni fi kún un.

ÀWỌN TÓ ṢIṢẸ́
Orin, ọ̀rọ̀ orin àti agogo: Àjàní Láyípo
Gángan: Àyàntúnjí
Àgídìgbo: Bàbá Ọ̀pẹ́
Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ègbè: Ṣadé, Rónkẹ́
Gìtá béèsì: Túndé
Ìgbohùnsílẹ̀ àti ìpo-ohùn-pọ̀: Láńre, nínú yàrá rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá
Olùdarí fídíò àti kámẹ́rà: Kọ́lápọ̀
Àtòpọ̀ àwòrán: Bísí
Adìrẹ: Ìyá Bísí
Dírẹ́bà: Alàájì Múfú. Ojúlówó dírẹ́bà ni, mọ́tò tirẹ̀ sì ni. A mú òṣèré wá, Alàájì ní ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan jíà òun, ló bá jókòó sídìí ọkọ̀. Òun ló pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín jù.

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn Bèèrè, pàápàá àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géréèjì, tí wọ́n gbà ká sọ̀rọ̀ sókè láàárọ̀ kùtù.

Ẹ bá wa tẹ ìkànnì yìí. Òde ìnáwó àti eré: ẹ kọ̀wé sí mi lórí Instagram, @ajanilayipo.

℗ © 2025 Àjàní Láyípo. Ẹ má gbé e sórí ìkànnì míì láìtọrọ.

#Àpàlà #Ìbàdàn #Máíkírà #OrinYorùbá #Àgídìgbo