Àyẹ̀wò Ìkẹyìn fún Fídíò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kétu Kí Ó Tó Dé Ọwọ́ Oníbàárà

Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, mo ti gba Sábẹ̀ lọ síbi òkú àna mi, ó di ọjọ́ Àìkú kí n tó padà sí Àjàṣẹ́. Bàbá Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Kétu ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n máa gbé e sára ògiri níbi ìpàdé, kí wọ́n tó fi sórí YouTube. Ẹ tẹ ìwé yìí jáde, kí ẹ sì máa fàmì sí àpótí kọ̀ọ̀kan bí ẹ bá ti ṣe é tán. Èyí tí ẹ kò bá ṣe, ẹ má torí pé kí inú mi lè dùn fàmì sí i.

KÍ Ẹ TÓ BẸ̀RẸ̀

☐ Fáìlì tí ẹ máa wò ni `GELEDE_KETU_V5.mp4`. Ẹ má wò ó láti inú ibi tí a ti gé e. Ohun tó ń lọ geere níbẹ̀ lè fọ́ nígbà tí a bá gbé e jáde, oníbàárà kò sì ní rí ibi tí a ti gé e láé. Fáìlì yẹn nìkan ni tirẹ̀.

☐ Ẹni tó gé e kọ́ ló máa kọ́kọ́ wò ó. Ojú tó ti wo àwòrán kan nígbà ogójì kì í rí àbùkù rẹ̀ mọ́. Kí ẹnìkejì jókòó tì í pẹ̀lú bírò àti ìwé, kí ó máa kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá ibi tí nǹkan bá ti ṣe é bákan.

☐ Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìṣẹ́jú 22 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 pérépéré nígbà kọ̀ọ̀kan, láìfo ibì kankan. Ti àkọ́kọ́, ẹ kàn máa wò ó bí ẹni tó wá síbi ìpàdé. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ máa dá a dúró. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ dijú, ohùn nìkan ni kí ẹ gbọ́.

☐ Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà náà bá yín wò ó. Àṣẹ mẹ́ta rèé. Èyí àkọ́kọ́ ń wá ibi tí fáìlì ti bàjẹ́, èkejì ń wá ibi tí àwòrán ti dúdú, ẹ̀kẹta ń wọn bí ohùn ṣe ga tó:

```
ffmpeg -v error -i GELEDE_KETU_V5.mp4 -f null -
ffmpeg -i GELEDE_KETU_V5.mp4 -vf blackdetect=d=0.03 -an -f null -
ffmpeg -i GELEDE_KETU_V5.mp4 -af ebur128=peak=true -vn -f null -
```

Bí èyí àkọ́kọ́ kò bá kọ nǹkan kan jáde, ó dára. Èkejì máa sọ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin fún yín, torí a mọ̀ọ́mọ̀ fi dúdú síbẹ̀. Ibi mìíràn tó bá dárúkọ, ẹ lọ wò ó. Àlàfo férémù kan péré láàárín àwòrán méjì máa ń ṣẹ́jú lójú bí mànàmáná lórí ògiri ńlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò ní rí i lórí kọ̀ǹpútà yín.

ÀWÒRÁN

☐ Alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, láti 4:15 dé 9:02. Ibẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù jù. Iná tó wà lójú agbo jẹ́ iná mànàmáná, tiwa ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń yí nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kámẹ́rà àkọ́kọ́ wà ní férémù 25 pẹ̀lú ìṣísílẹ̀ 1/50, kò ní wàhálà. Kámẹ́rà kejì, ẹ̀gbọ́n tó bá wa gbé e gbàgbé, ó wà ní 30 àti 1/60. Nítorí náà ẹ wo àwọn ìlà dúdú tó ń rìn lókè sísàlẹ̀ lára aṣọ funfun, ẹ sì wo ẹsẹ̀ oníjó: bí ó bá ń fò ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ dípò kó máa yọ́, a ní láti tún ibẹ̀ gé pẹ̀lú kámẹ́rà àkọ́kọ́. Mo ti rí ọ̀kan ní 6:31. Ẹ wá èyí tó kù.

☐ Àwọ̀ ara ènìyàn. Àwọn ìyá tó jókòó lábẹ́ igi àti àwọn tó wà nínú oòrùn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìlú kan náà. Ní 12:20 mo rò pé wọ́n ti pupa jù. Ẹ gbé fídíò náà sórí fóònù àti sórí tẹlifíṣọ̀n tó wà ní ilé ìta, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀lé ojú kọ̀ǹpútà wa nìkan. Ojú kọ̀ǹpútà náà ti ń gbó.

☐ Ibi gbogbo tí a ti gé, ẹ wò ó ní férémù kan ṣáájú àti kan lẹ́yìn.

☐ Òjìji kámẹ́rà, ọwọ́ ẹni tó ń gbé gbohùngbohùn, ìgò omi tí ẹnìkan gbàgbé sórí ìjókòó. Ẹ wò ó, ẹ fàmì sí i, ó parí.

OHÙN

☐ Ìlù àti ọ̀rọ̀. Nínú agbo, ìlù máa ń bo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀dá rẹ̀ ni. Àmọ́ bàbá tó ń ṣàlàyé láti 10:05 ti di arúgbó, ohùn rẹ̀ rọra. Bí ẹ bá dijú tí ẹ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìparí gbólóhùn, ẹ rẹ ìlù náà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ìpàdé kò ní bẹ̀ wá pé ká tún un sọ.

☐ Àpapọ̀ gíga ohùn níbi àṣẹ kẹta yẹ kí ó wà nítòsí -14 LUFS, kí orí ohùn má sì kọjá -1 dBTP. Bí ó bá lọ sókè ju -14 lọ, YouTube fúnra rẹ̀ máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, a ó sì ti fún ohùn náà pa lásán.

☐ Ṣaworo ẹsẹ̀ oníjó gbọ́dọ̀ bá ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀. Àyẹ̀wò tó rọrùn jù ni èyí, òun náà ló máa ń tú wa fó: bí ṣaworo bá pẹ́ ju ẹsẹ̀ lọ díẹ̀, gbogbo ọmọ Kétu ló máa mọ̀, kódà ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa fídíò. Ẹ wo 8:40, 14:12 àti 19:55.

☐ Orin ìparí. Ẹ rí i dájú pé kì í ṣe èyí tí a kọ́kọ́ gbà láti orí ẹ̀rọ ayélujára ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yà V4 ní in. YouTube lè dá fídíò dúró nítorí orin tí a kò gba àṣẹ lórí rẹ̀. Èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni ti bàbá onílù tó fọwọ́ sí ìwé fún wa.

Ọ̀RỌ̀ ORÍ ÀWÒRÁN

☐ Bàbá Akọ̀wé ti sọ pé ọ̀nà ìkọ̀wé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni kí a lò: ɛ, ɔ, sh àti kp. A ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ, ọ àti ṣ tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, mo sì mọ̀ pé díẹ̀ ṣì kù. Èyíkéyìí nínú méjèèjì kò burú, àpòpọ̀ méjèèjì lójú kan náà ni ìtìjú. Ẹ ka gbogbo àkọlé sókè ketekete, kí ẹnìkejì máa wo lẹ́tà.

☐ Ẹ wo àmì ohùn lórí lẹ́tà. Àwọn irúfẹ́ lẹ́tà kan kò mọ ɔ̀, wọ́n á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kí wọ́n fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Fáìlì `GELEDE_KETU_FR.srt` náà gbọ́dọ̀ wà ní UTF-8.

☐ Ìtumọ̀ Faransé wà fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Àjàṣẹ́ àti Kutọnu, tí Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ yé mọ́. Ìlà méjì ni òpin, kí ó má sì kúrò kí ènìyàn tó ka á tán. Orin ẹ̀fẹ̀ ní 7:10 jẹ́ ẹ̀sín àti àpárá. Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ sọ bóyá àpárá náà ṣì ń pani lẹ́rìn-ín nínú Faransé, torí mo ti rẹ́rìn-ín rẹ̀ tán, kò sì pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

☐ Ọdún. Àkọlé 3:10 sọ pé UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ó sì wọ inú àkójọ àjogúnbá ní 2008, ti Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ Tógò kúrò. Àkọlé 2:05 ní Ẹnu-ọ̀nà Àkàbà Ìdènà sọ pé àwọn ọmọ ogun Dàhòmì pa Kétu run ní 1886. Bí ẹ bá rí 1868 níbẹ̀, ọwọ́ mi ló yí i, ẹ tún un ṣe.

☐ Orúkọ àti oyè. Mo ti rí iṣẹ́ kan lọ́wọ́ ara mi tí a ti kọ orúkọ bàbá ìyàwó sódì nínú fídíò ìgbéyàwó. Bàbá náà kò bínú, kò sọ nǹkan kan, ó sanwó, ó dúpẹ́, a kò sì rí ẹnikẹ́ni láti ilé wọn mọ́ láti ìgbà náà. Ẹ ka orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú ìparí pẹ̀lú ìwé tí Bàbá Akọ̀wé fọwọ́ ara wọn kọ, kì í ṣe pẹ̀lú ohun tí ẹ rò pé ó yẹ kó jẹ́. Oyè Alákétu gbọ́dọ̀ ṣáájú gbogbo orúkọ yòókù.

OHUN TÍ ÀWỌN ÀGBÀ NÍ KÍ A MÁ FI HÀN

☐ Ibi tí wọ́n ti ń dira. Wọ́n gbà wá láyè láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nítorí pé a ṣèlérí pé kò ní jáde. Ẹ wò láàárín 11:00 sí 11:30 dáadáa, ilẹ̀kùn ṣí fẹ́ẹ́ ní ibì kan. Bí ohunkóhun bá hàn, kódà férémù kan, ẹ gé e. Ẹ má béèrè lọ́wọ́ mi.

☐ Àwọn ọmọdé tí òbí wọn kò fọwọ́ sí ìwé: ọmọbìnrin tó wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn ní 15:48 nìkan ló kù. A ti sọ ojú rẹ̀ di bàìbàì, ẹ wò bóyá ó dúró bẹ́ẹ̀ títí dé òpin àwòrán náà.

FÁÌLÌ

☐ Èyí tí wọ́n máa gbé sára ògiri: 1920×1080, férémù 25, H.264, ohùn 48 kHz. Ó tó gígábáìtì mẹ́ta àti ààbọ̀. Ó máa wọ fúláàṣì tó wà ní FAT32, torí kò kọjá gígábáìtì mẹ́rin.

☐ Ẹ̀dà ńlá fún ibi ìpamọ́: ProRes 422, nǹkan bíi gígábáìtì 21. Eléyìí kò ní wọ FAT32, dísìkì tó wà ní exFAT nìkan ni. Ẹ má fún wọn ní ti wa; ẹ fi ìkan sílẹ̀ ní ibùdó.

☐ Ìpolówó ìṣẹ́jú kan fún WhatsApp, 1080×1920. Ẹ rí i pé orúkọ ẹgbẹ́ kò jáde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́.

☐ Ẹ fi fúláàṣì náà sínú tẹlifíṣọ̀n ilé ìta, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sínú kọ̀ǹpútà mìíràn. Fúláàṣì tó ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà tiwa kò já mọ́ nǹkan kan.

ÌFIJÍṢẸ́

☐ Àṣẹ́kù owó jẹ́ 150,000 sẹ́fà. Bàbá Akọ̀wé máa fi Mómò san án, wọ́n á fi ẹ̀rí hàn yín lójú fóònù. Ẹ gbà á kí wọ́n tó gba ẹ̀dà tí kò ní àmì wa lára. Ẹ fi ìtẹríba sọ ọ́, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn tí wọ́n bá wọlé, àmọ́ ẹ sọ ọ́.

☐ Ẹ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n wo ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ àti ìparí níwájú yín. Bí wọ́n bá ní kí a yí nǹkan kan padà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má ṣèlérí kankan fún ọjọ́ Sátidé. Ẹ pè mí ní Sábẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kọ̀, ẹ fi ohùn ránṣẹ́, màá gbọ́ ọ nígbà tí mo bá jáde sí ojú títì.

☐ Kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà, ẹ da iṣẹ́ náà àti gbogbo àwòrán tí a yà sórí dísìkì kejì, kí ọ̀kan nínú yín sì gbé e lọ sílé.